Ẹ Bi Ilẹ̀ Léèrè Kẹ́ Ẹ Tó Ri Ọ̀pá Mọ́ Ọn: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ẹ́ẹ̀tì Ilé Ọ́fíìsì Alájà Márùn-ún

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Alága wa, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ti ń fa wáyà kí wọ́n tó bí àwa kan, mo dọ̀bálẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ jíǹkí mi. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, ẹ sún mọ́ iwájú, torí mo mú ọ̀rá méjì dání, mo sì fẹ́ kí gbogbo yín fọwọ́ kan ohun tó wà nínú wọn kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà.

Ẹ gba tàkọ́kọ́. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó le, ó pupa, ó ń dà bíi òkúta wẹ́wẹ́, kò sí omi kankan nínú ẹ̀. Yangí nìyẹn, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Ẹ gba èkejì. Ó rọ̀, ó tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka, tẹ́ ẹ bá fún un ó dúró bẹ́ ẹ ṣe fún un. Amọ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ihò kan náà ni mo ti kó méjèèjì? Èyí tó wà lókè àti èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀, mítà méjì péré ló wà láàárín wọn. Ìbàdàn níbí ni, níbi tá a ti fẹ́ kọ́ ilé ọ́fíìsì alájà márùn-ún kan, ìyẹn sì nilé tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ tòní.

Ilé náà gùn ní mítà 30, ó fẹ̀ ní mítà 20. Ó ní táńsífọ́mà tirẹ̀ nínú ọgbà, kílófóòtì 11 ló ń wọlé. Onílé ti kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kọ́pà tá a sin kí iná tó bá ṣìnà lè gbà á wọlẹ̀, ò gbọ́dọ̀ ju ọ́ọ̀mù 1 lọ, ọ́ọ̀mù la sì fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Kọntirákítọ̀ kan ti débẹ̀ ṣáájú mi, ó ní òun á ri ọ̀pá kọ́pà 26 mọ́lẹ̀, ó parí. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, 26, a ṣì ń bọ̀ wá bá a. Èmi bi í pé ta ló sọ fún un pé 26 ló máa tó? Ṣé ó bi ilẹ̀ ni?

Bá a ṣe ń bi ilẹ̀ léèrè

Ọgbọ́n tá a fi ń bi ilẹ̀, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Frank Wenner ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1915, a ò sì tíì kúrò lórí ẹ̀ dòní. Èèkàn irin mẹ́rin ni. Ẹ tò wọ́n sórí ìlà kan gbọọrọ, àyè tó wà láàárín èèkàn kan sí èkejì dọ́gba, àyè yẹn là ń pè ní a. Tẹ́sítà máa ti iná gba èèkàn méjì tó wà ní ìpẹ̀kun wọlẹ̀, á wá wo fóòtì tó wà láàárín méjì tó wà ní inú, á fi áńpù tó tì wọlẹ̀ pín in, á fún yín ní ọ́ọ̀mù. Ọ́ọ̀mù yẹn ò tíì jẹ́ nǹkan kan o. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di agídí ilẹ̀ kọ́kọ́. Àwọn oyìnbó ní orúkọ gígùn tí wọ́n ń pè é, èmi máa ń pè é ní agídí ilẹ̀ torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, ó ń ṣe agídí sí iná tó fẹ́ kọjá. Ìṣirò ẹ̀ rèé:

```
ρ = 2 × π × a × R
```

R ni ọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ kà lórí tẹ́sítà, a ni àyè àárín èèkàn, ρ ni agídí ilẹ̀, ọ́ọ̀mù-mítà la fi ń kà á.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe dáadáa níbi tá a wà yìí. Ìṣirò yẹn dúró lórí pé èèkàn ò wọlẹ̀ jìn. Kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú ogún àyè náà lọ. Tí àyè yín bá jẹ́ mítà 1, ìdá ogún ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, ìyẹn ni pé ìka ọwọ́ yín gan-an gùn jù ú lọ. Ẹ wá wo àwọn ọmọ wa lórí sáìtì, wọ́n á fi òòlù gbá èèkàn wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan nígbà tí àyè jẹ́ mítà 1, wọ́n á ní àwọn fẹ́ kó dúró gbọnyin, tẹ́sítà á sì gbé nọ́ńbà wá, nọ́ńbà yẹn ò sì ṣeé gbára lé. Tí ilẹ̀ bá gbẹ tí èèkàn ò sì fẹ́ mú, ẹ da omi díẹ̀ sí ìdí ẹ̀, ìdí ẹ̀ nìkan, ẹ má gbá a wọlẹ̀ síwájú.

Òmíràn tún ni pé tí páìpù irin tàbí kéébù bá wà lábẹ́ ilẹ̀ tó sì ń bá ìlà èèkàn yín rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, iná á gba inú irin, ilẹ̀ á dà bíi ẹni pé ó dára gan-an. Ìyẹn ló jẹ́ kó pọn dandan kẹ́ ẹ ṣe ìlà kejì tó dábùú ti àkọ́kọ́. Tí méjèèjì bá jọra, ó dáa. Tí wọn ò bá jọra rárá, ẹ wá ohun tó wà lábẹ́ ibẹ̀.

Ohun tí ilẹ̀ Ìbàdàn sọ fún wa

Ó ti yá, ẹ jẹ́ ká ka ohun tá a rí. Oṣù kìíní ọdún la ṣe é, ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ táútáú, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yan ìgbà yẹn ni torí ẹ́ẹ̀tì tó bá dára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò ò lè bà á jẹ́. Nígbà tí àyè jẹ́ mítà 1, tẹ́sítà ka ọ́ọ̀mù 57. Ní mítà 2, ó ka 18. Ní mítà 4, ó ka 5.5. Ní mítà 8, 3.4. Ní mítà 16, 2.8.

Ọmọ iṣẹ́ mi tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, bá a ṣe ń jìn sí i ló ń dára sí i, ẹ jẹ́ ká ri ọ̀pá wa jìn títí dé mítà 15." Ẹ̀yin náà, kí lẹ rí sí i? 57, 18, 5.5, 3.4, 2.8, ṣé kì í ṣe pé ó ń sọ̀kalẹ̀ ni? Ó ń sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ́ọ̀mù ló ń sọ̀kalẹ̀ o, agídí kọ́. Ọ́ọ̀mù orí tẹ́sítà máa ń sọ̀kalẹ̀ bí àyè bá ṣe ń fẹ̀, ì báà jẹ́ ilẹ̀ kan náà látòkè délẹ̀. Àyàfi kẹ́ ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó mọ òótọ́.

A ṣe é. Mítà 1 di agídí 358. Mítà 2 di 226. Mítà 4 di 138. Mítà 8 di 171. Mítà 16 di 281.

Ẹ gbọ́ bó ṣe yí padà? 358, 226, 138, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó dé ìsàlẹ̀ kòtò, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, 171, 281. Tẹ́ ẹ bá yà á sórí ìwé, ó máa dà bí abọ́. Abọ́ yẹn ni ilẹ̀ fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Bí àyè bá kéré, òkè ilẹ̀ nìkan ni tẹ́sítà ń gbọ́. Bó bá ṣe ń fẹ̀ ló ń gbọ́ ti ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n àyè náà bó ṣe ń jìn, kì í ṣe géérégé. Torí náà, ohun tí abọ́ yẹn ń sọ ni pé ohun líle wà lókè, ohun rírọ̀ wà láàárín, ohun tó tún le sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Yangí, amọ̀, àpáta. Ọ̀rá méjì tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn nìyẹn, àpáta nìkan ni mi ò rí gbé wá.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé 138 yẹn kì í ṣe agídí amọ̀ o. Àdàlù ni. Ní mítà 4, tẹ́sítà ń gbọ́ yangí tó wà lókè, ó ń gbọ́ amọ̀, ó sì ti ń gbọ́ àpáta lókèèrè. Amọ̀ fúnra ẹ̀ dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà la fi ń tú àdàlù yẹn ká, àwọn àgbà wa máa ń fi ìwé tí wọ́n ti ya ìlà sí ṣe é. Èyí tá a rí ni pé yangí jẹ́ 420, ó nípọn tó mítà 1.2. Amọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 90, ó dé ìwọ̀n mítà 6 sílẹ̀. Àpáta abẹ́ ẹ̀ ju 1,000 lọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè tàn yín jẹ. Amọ̀ tó nípọn díẹ̀ tó sì rọ̀ gan-an, àti amọ̀ tó nípọn púpọ̀ tí kò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì lè gbé abọ́ kan náà jáde lórí ìwé. Báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Èmi lọ bá bàbá tó ń gbẹ́ kàǹga ládùúgbò yẹn. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, níbi tẹ́ ẹ gbẹ́ lọ́dún tó kọjá lẹ́yìn ògiri yìí, kí lẹ bá nílẹ̀?" Bàbá ò tiẹ̀ ronú, wọ́n ní yangí kọjá ìbàdí àwọn, ó ku díẹ̀ kó dé àyà, lẹ́yìn ẹ̀ amọ̀ ni títí, ìgbà tí àwọn wọlẹ̀ tó ìdúró èèyàn mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni díígà bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí àpáta, ibẹ̀ làwọn sì dúró sí. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ìbàdí sí àyà ni mítà kan lé díẹ̀, ìdúró èèyàn mẹ́ta ó lé díẹ̀ jẹ́ bíi mítà 6. Ẹlẹ́rìí méjì, wọn ò mọra, ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Láti ọjọ́ yẹn mi ò kì í ṣe iṣẹ́ kankan ní Ìbàdàn láìbi agbẹ́kàǹga.

Ọ̀pá ń wo nítòsí, òrùka ń wo òkèèrè

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an la dé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́tí.

Àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kó nọ́ńbà márààrún yẹn jọ, kí wọ́n pín in sí márùn-ún, kí wọ́n ní agídí ilẹ̀ wa ni 235. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, níbo ni 235 wà nínú ilẹ̀ yẹn? Yangí jẹ́ 420, amọ̀ jẹ́ 90, àpáta ju 1,000 lọ. Kò sí ibì kankan tí 235 wà! Ó dà bí ìgbà tẹ́nì kan bá ki ẹsẹ̀ kan bọnú iná, ó ki èkejì bọnú omi dídì, wọ́n wá ní ara ẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, nǹkan kékeré ni. Amọ̀ tó yí i ká ní mítà díẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́, torí náà agídí amọ̀ la máa fi ṣírò ẹ̀. Ìṣirò rèé fún ọ̀pá tó gùn ní L, tí àárín ẹ̀ fẹ̀ ní d:

```
R = ρ / (2 × π × L) × ( ln(8 × L / d) - 1 )
```

Ọ̀pá mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1.2, ẹ so wọ́n pọ̀, ó di 3.6. Ó fẹ̀ ní mìlímítà 16. Gbogbo ẹ̀ wá jásí pé kẹ́ ẹ fi 0.287 sọ agídí ilẹ̀ di púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi 90 ti amọ̀ ṣe é, ẹ máa rí ọ́ọ̀mù 26. Tẹ́ ẹ bá fi 235 ẹlẹ́tàn yẹn ṣe é, ẹ máa rí 67. Ẹ rí bó ṣe jìnnà síra?

Torí náà a sọ fún àwọn tó ń kọ́lé pé kí wọ́n má tíì dí ihò fandésọ̀n. Ihò yẹn ti wọlẹ̀ tó mítà 1.5, ó ti kọjá yangí, ó ti wọnú amọ̀, owó onílé ló sì ti fi gbẹ́ ẹ. Isàlẹ̀ ibẹ̀ la tẹ́ tépù kọ́pà sí yípo ilé, mítà kan sí ògiri, òun là ń pè ní òrùka, ibẹ̀ la sì ti ri ọ̀pá 3.6 wọlẹ̀. Ó parí sí mítà 5.1, nínú amọ̀, kò kan àpáta. Tá a bá dúró di ìgbà tí wọ́n dí ihò tán, a máa tún ilẹ̀ gbẹ́ nínú yangí, tépù á sì wà níbi tó máa ń gbẹ lọ́dọọdún. Ẹni tó bá pe yín wá ṣe ẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n ti ń kùn ilé, ẹ ṣàlàyé fún un pé ó ti pẹ́ jù.

Ó wá ku kọntirákítọ̀ wa àti ọ̀pá 26 ẹ̀. Ìṣirò tó ṣe ni pé ọ̀pá kan jẹ́ 26, 26 pín sí ọ̀nà 26 jẹ́ 1. Ṣé ó tọ̀nà? Àwọn kan ń mi orí. A máa ń sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni, àmọ́ ọwọ́ 26 nínú abọ́ ẹyọ kan, ẹ máa kàn máa gbá ara yín lọ́wọ́ ni. Ilẹ̀ tó yí ọ̀pá kan ká ló ń jẹ. Tí ọ̀pá méjì bá sún mọ́ra, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ. Ó kéré tán kí àyè àárín wọn tó gígùn ọ̀pá, ìlọ́po méjì ló dáa jù. Òrùka wa yípo ilé jẹ́ mítà 32 lọ́nà mítà 22, àyíká ẹ̀ jẹ́ 108. Ọ̀pá méjìlá, mítà mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án síra wọn. Ìyẹn ti tó, èyí tẹ́ ẹ bá tún fi kún un ò ní mú ọ́ọ̀mù wálẹ̀ tó nǹkan.

Tí gbogbo wọn bá wá para pọ̀, òrùka àti ọ̀pá, wọn kì í ṣe nǹkan kékeré mọ́. Wọ́n ti di ẹyọ nǹkan ńlá kan tó fẹ̀ ní mítà 32, nǹkan tó bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, iná tó ń jáde lára ẹ̀ máa wọlẹ̀ jìn gan-an kó tó tú ká, àpáta ló sì máa bá pàdé níbẹ̀. Torí náà fún òrùka, ìparí abọ́ wa la máa kà, 281, kì í ṣe àárín ẹ̀:

```
R = (ρ / 4) × √(π / A) + ρ' / Lt
```

A ni fífẹ̀ ilẹ̀ tí òrùka yí ká, tiwa jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 704, ìyẹn 32 lọ́nà 22. Ìdajì àkọ́kọ́ fún wa ní 4.7. Ìdajì kejì jẹ́ ti ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ kọ́pà, ρ' ni agídí amọ̀, Lt ni gbogbo gígùn kọ́pà tẹ́ ẹ sin, kò kún tó ọ́ọ̀mù 1. Àpapọ̀ ẹ̀ ò jìnnà sí ọ́ọ̀mù 5.

Ẹ wo ìdajì àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ṣé ẹ rí ọ̀pá nínú ẹ̀? Kò sí iye ọ̀pá níbẹ̀. Fífẹ̀ ilẹ̀ àti agídí ìsàlẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀pá 26, ọ̀pá 100, ẹ ò lè kọjá 4.7 yẹn nínú ilẹ̀ yẹn. Tí ọgbà bá jẹ́ mítà 60 lọ́nà 40 tá a sì fẹ òrùka dé ògiri ọgbà, ó máa sún mọ́ 2.5, ọ̀nà tó wà nìyẹn, ilẹ̀ sí i. Ọgbà tiwa ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá onílé, mo fi ìwé hàn wọ́n, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ́ọ̀mù 1 tẹ́ ẹ kọ síbí ò ṣeé ṣe lórí àpáta yìí, ẹni tó bá ní òun máa ṣe é fún yín, ẹ wo bó ṣe máa wọ̀n ọ́n." Wọn ò kọ́kọ́ dùn sí i. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí dáa, wọ́n ní, ṣé ọ́ọ̀mù 5 ò ní pa àwọn èèyàn àwọn?

Ṣé ọ́ọ̀mù 5 ò ní pààyàn?

Ó lè pààyàn. Ó sì lè má pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí iná máa gbà padà sílé ló máa sọ èyí tó máa jẹ́.

Ká ní ilé náà ò ní táńsífọ́mà tirẹ̀, ká ní ti àdúgbò ló ń lò, bíi ọ̀pọ̀ ilé wa, tí kò sí wáyà ẹ́ẹ̀tì tó bá iná wá látìta. Wáyà kan bó nínú fíríìjì, ó kan ara irin ẹ̀. Iná gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ gba ọ́ọ̀mù 5 tiwa, kó rìn nínú ilẹ̀, kó gba ẹ́ẹ̀tì táńsífọ́mà ìta, ká pe ìyẹn ní 2. Fóòtì 230 pín sí 7, áńpù 33. Fíúsì 63 tó wà lẹ́nu ọ̀nà máa wo áńpù 33 yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní já. Áńpù 33 lọ́nà ọ́ọ̀mù 5, fóòtì 165 ló wà lára fíríìjì yẹn báyìí, tó ń dúró de ẹni tó máa wá mu omi tútù. Ẹ sọ ẹ́ẹ̀tì yẹn di 2, iye tí gbogbo yín máa pàtẹ́wọ́ fún, fóòtì 115 ṣì máa wà lára ẹ̀, áńpù 57, fíúsì ò sì tíì já. Torí náà nílé tó bá gba iná àdúgbò, ẹ́ẹ̀tì líkéèjì bíríkà tó ń já ní mìlíáńpù 30 ló ń gbani là lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ọ́ọ̀mù kékeré nìkan ò lè ṣe é.

Ilé tiwa ní táńsífọ́mà nínú ọgbà. A fa wáyà ẹ́ẹ̀tì kọ́pà láti orí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì padà sí ìdí táńsífọ́mà, a sì so ó mọ́ nútíràlì níbẹ̀, ibẹ̀ nìkan. Tí wáyà bá bó báyìí, iná ò nílò ilẹ̀ rárá, kọ́pà ló máa gbà padà. Gbogbo ọ̀nà yẹn ò ju ìdá mẹ́wàá ọ́ọ̀mù kan lọ, áńpù 2,300 ló máa sáré kọjá, bíríkà á já kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Ọ́ọ̀mù 5 ò sí nínú ìtàn yẹn.

Níbo ló wá wà? Ó wà nígbà tí àrá bá sán, àti nígbà tí wáyà kílófóòtì 11 bá kan ilẹ̀ nínú táńsífọ́mà. Ẹ béèrè iye áńpù yẹn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná, ẹ má ṣe méfò. Ká kàn fi 200 ṣàpẹẹrẹ: 200 lọ́nà 5, fóòtì 1,000 ni gbogbo ilé máa fi ga ju ilẹ̀ òkèèrè lọ títí bíríkà ọ̀hún á fi já. Ẹ má jáyà. Ẹyẹ máa ń bà lórí wáyà kílófóòtì 33, kí ló dé tí kì í kú? Ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí ohun kan náà. Ilé wa gbọ́dọ̀ dà bíi bẹ́ẹ̀. Irin òpó, irin dẹ́kìn, páìpù omi, fírémù lífíìtì, àkàbà irin, gbogbo ẹ̀ la so mọ́ra, a sì fi báà kọ́pà kan sí àjà kọ̀ọ̀kan tá a so mọ́ irin òpó àti mọ́ òrùka nísàlẹ̀. Ti àrá, wáyà méje ló sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, wọn ò ju mítà 15 síra wọn lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan bá òrùka pàdé nídìí ọ̀pá. Àmọ́ ohun tó bá jáde kúrò nínú ọgbà lè gbé fóòtì yẹn lọ bá aládùúgbò, torí náà páìpù omi tó jáde lọ, a fi ike sí i láàárín, okùn ńẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọlé, fáíbà ni, kò ní kọ́pà nínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lórí ọ̀rọ̀ síso mọ́ra yìí. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ilé ọ́fíìsì kan ni, àwọn tó wá to ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sí àjà kẹta ní ẹ̀rọ àwọn nílò ẹ́ẹ̀tì tó mọ́, tí kò ní bá ti ilé da pọ̀. Mo ṣì kéré nígbà yẹn, mo gbà fún wọn. Wọ́n lọ ri ọ̀pá tiwọn sẹ́yìn ilé, wọ́n fa wáyà ẹ̀ gòkè, wọn ò so ó mọ́ nǹkan kan. Òjò àkọ́kọ́ oṣù kẹrin, àrá sán lu ilé. Ìṣirò gbẹ̀fẹ́ ni mo fẹ́ ṣe o: àrá tó gbé áńpù 20,000, lọ́nà ọ́ọ̀mù 5, fóòtì 100,000 ni gbogbo irin ilé gòkè sí, ọ̀pá tó wà lẹ́yìn ilé sì wà ní tiẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wà láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tá a ṣí i, káàdì inú ẹ̀ ti dúdú, òórùn jíjóná ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pá yẹn ò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan, èmi ni mi ò so ó mọ́ òrùka. Ẹ rì í bó bá wù yín, àmọ́ ẹ so ó mọ́ tàwọn yòókù.

Wíwọ̀n án nígbà tó bá parí

Ọmọ iṣẹ́ mi kan náà ló tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tá a parí. Ó mú wáyà tó bá tẹ́sítà wá nínú àpótí, mítà 20 àti mítà 10, ó kan èèkàn, tẹ́sítà sì ka ọ́ọ̀mù 1.4. Onílé fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Òrùka wa, láti igun kan sí ìkejì, jẹ́ mítà 39. Èèkàn tó wà ní mítà 20, ìdí òrùka ló ṣì jókòó sí, ilẹ̀ tí òrùka ti gbà ló ń wọ̀n. Kẹ́ ẹ gbé èèkàn iná jìnnà tó ìlọ́po márùn-ún igun sí igun yẹn, ìyẹn mítà 200. A ra wáyà, a tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, a fà á gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ. Èèkàn kejì, a bẹ̀rẹ̀ láti mítà 100, ó ka 4.5. Ní 124, tó jẹ́ ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ka 4.7. Ní 140, ó ka 4.9. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sún mọ́ra, torí náà a gbà á gbọ́. Tí wọ́n bá ń fò látorí 2 sí 5 sí 9, èèkàn iná ò tíì jìnnà tó nìyẹn. A ò sì tíì so nútíràlì mọ́ òrùka nígbà tá a ń wọ̀n ọ́n.

Ẹnì kan nawọ́. Ẹ wí, bàbá. *(Bàbá kan béèrè pé ṣé iyọ̀ àti èédú tí àwọn máa ń dà sí ihò ẹ́ẹ̀tì ò lè mú un wálẹ̀.)* Ẹ ṣeun, bàbá. Ó máa mú ọ̀pá kan wálẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, pàápàá nínú yangí, torí ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ló ń tún ṣe. Àmọ́ òjò á fọ iyọ̀ lọ, ẹ máa tún un dà, iyọ̀ yẹn náà ló sì ń jẹ kọ́pà àti kílíǹpù. Mo ti fa ọ̀pá kan yọ rí tí ibi tí kílíǹpù ti mú un ti tín-ín-rín bíi kálámù. Tí ihò bá pọn dandan, amọ̀ bẹntonáìtì sàn jù, ó máa ń mú omi dúró. Fún òrùka ńlá bíi tiwa, kò sí èyí tó lè yí 4.7 yẹn padà nínú àwọn méjèèjì, torí àpáta tó wà nísàlẹ̀ ni iye yẹn ti wá.

Mo rí i pé ọ̀rá méjèèjì ti padà dé iwájú. Èèkàn mẹ́rin àti tẹ́sítà wà nínú búùtù mọ́tò mi, pápá sì wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ mú tépù ìwọnlẹ̀ kan àti òòlù kékeré, a máa bẹ̀rẹ̀ láti mítà 1, ẹ sì fi ìka yín wọn sẹ̀ǹtímítà 5 yẹn kẹ́ ẹ tó gbá èèkàn.